Bí A Ṣe Ń Tọrọ Ọjọ́ Mìíràn fún Íńtáfíù Láìba Orúkọ Wa Jẹ́

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ sọ fún àwọn òbí àti àwọn ọ̀dọ́ ní ìpàdé oṣooṣù wa ní Sábọ́ńgàrí, Kánò

Ẹgbẹ́ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ó ti ń dé ilé púpọ̀ nínú wa. Wọn a pe ọmọ sí íńtáfíù iṣẹ́ ní Wárì, ọjọ́ tí wọ́n dá a sí a sì forí gbárí pẹ̀lú ohun mìíràn tí ọmọ náà kò lè fi sílẹ̀. Àwọn kan a dákẹ́, wọn kò ní lọ, wọn kò sì ní kọ̀wé. Àwọn mìíràn a kọ ímeèlì tí ó gùn bí ẹjọ́ kóòtù, tí ẹni tí ó bá kà á yóò fi sọ nínú ara rẹ̀ pé, “Ẹni yìí kò ṣeé fọkàn tán.” Iṣẹ́ a sì lọ sọ́wọ́ ẹlòmíràn tí kò mọ iṣẹ́ náà tó o.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó àlùbọ́sà àti ẹ̀wà lọ sí ọjà Ìgbúdù ní Wárì mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Bí oníbàárà bá ń retí ẹrù ní Ọjọ́bọ̀, tí ọkọ̀ bá sì dúró ní Lọ́kọ́ja, kò sí oníbàárà tí ó bínú nítorí pé a pè é ní Ọjọ́rú, a sì sọ fún un pé ẹrù yóò dé ní Àbámẹ́ta. Ohun tí ó ń bí wọn nínú ni kí Ọjọ́bọ̀ kọjá kí wọ́n tó gbọ́, tàbí kí a sọ pé “láìpẹ́” láìdárúkọ ọjọ́. Ẹni tí ń gbani síṣẹ́ náà kò yàtọ̀. Kì í ṣe sísún ọjọ́ ni ó ń ba orúkọ jẹ́. Ohun tí ń bà á jẹ́ ni kí a pẹ́ kí a tó sọ, kí a sọ ọ́ láìmú ọjọ́ mìíràn wá, kí a sì tún wá sún un lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun kìíní tí mo fẹ́ kí ẹ yẹ̀ wò ni bóyá ọjọ́ méjèèjì forí gbárí ní tòótọ́. Fún àwa tí a wà lókè níhìn-ín, ọjọ́ íńtáfíù nìkan kọ́ ni a ó kà. Láti Kánò dé Wárì súnmọ́ 1,000 kìlómítà. Ọ̀nà tí a sábà máa ń gbà ni Kàdúná, Àbújá, Lọ́kọ́ja, Òkéné, Auchi, Bìní àti Sàpẹ́lẹ́, kò sì sí òbí tí ó nífẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀ tí yóò ní kí ó rin ọ̀nà náà lóru. Ọjọ́ méjì ni kí a kà á sí, kí ọmọ sùn sí Àbújá lóru kìíní. Ojú irin wà láti Itakpe sí Wárì, tí ìjọba ṣí ní 2020, ṣùgbọ́n ojú irin Kàdúná sí Àbújá kò so mọ́ ọn. Mọ́tò ni a ó wọ̀ láàárín méjèèjì, nítorí náà kò lè sọ ọjọ́ méjì di ọ̀kan. Ọkọ̀ òfurufú ńkọ́? Owó rẹ̀ kò sí lápò ọmọ tí ń wá iṣẹ́. Ẹ rí i pé ohun tí ó bá bọ́ sí ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú íńtáfíù ti dí wa lọ́nà, bí ẹni tí ó wà ní Wárì kò tilẹ̀ rí i bẹ́ẹ̀. Òun a máa rò pé Ìṣẹ́gun kì í ṣe Ọjọ́rú. Bí a kò bá sọ ọ̀rọ̀ ìrìn àjò náà fún un, kò ní yé e.

Ohun kejì ni kí a mọ èyí tí ó ṣeé sún nínú méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ ni, ẹ má kọ ímeèlì kankan, ẹ lọ sí íńtáfíù. Ìpàdé ẹgbẹ́ wa yìí pàápàá, a ó gbà á ní àwáwí. Ṣùgbọ́n ìdánwò yunifásítì kò ṣeé sún, yunifásítì kò ní tìtorí ọmọ kan dá ọjọ́ mìíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ní ọsibítù, àti ọjọ́ tí kóòtù pe ènìyàn. Irú ìwọ̀nyí nìkan ni ó tó ìdí tí a fi ń tọrọ ọjọ́.

Kí a tó kọ ohunkóhun, kí a wo ẹni tí ó kọ̀wé sí wa. Ẹ wo ohun tí ó wà lẹ́yìn àmì @ nínú àdírẹ́sì ímeèlì náà, kí ẹ sì fi wé àdírẹ́sì tí ilé iṣẹ́ náà fi sí ojú ewé tirẹ̀. Àwọn oníjìbìtì pọ̀ tí ń pe ọmọ ọlọ́mọ sí íńtáfíù tí kò sí. Bí wọ́n bá béèrè owó fọ́ọ̀mù tàbí owó ìforúkọsílẹ̀, ẹ má tọrọ ọjọ́ lọ́wọ́ wọn rárá. Ẹ tún wo ibi tí wọ́n ní kí a wá gan-an. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní ti Wárì lè wà ní Ẹ̀fúrùn tàbí ní Ekpan, kí ọmọ má lọ sọ̀kalẹ̀ sí ìgboro Wárì kí ó wá máa wá ọkọ̀ padà sẹ́yìn.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a mú kàlẹ́ńdà 2026 kí a fi ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ọmọbìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tí ó ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, tí ó sì ń kàwé kún ìwé ní Yunifásítì Bayero níhìn-ín. Ní Ọjọ́bọ̀, 4 Júùnù, ímeèlì dé láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ kan ní Ẹ̀fúrùn: kí ó wá fún íńtáfíù ipò akọ̀wé owó ní Ọjọ́rú, 10 Júùnù, agogo mẹ́sàn-án àárọ̀. Ìdánwò rẹ̀ wà ní Ìṣẹ́gun, 9 Júùnù, láti agogo méjì ọ̀sán sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Kò sí bí ó ṣe lè jáde nínú ìdánwò ní agogo márùn-ún ní Kánò kí ó sì jókòó ní Ẹ̀fúrùn ní agogo mẹ́sàn-án ọjọ́ kejì.

Ìgbà wo ni yóò kọ̀wé? Ní Ọjọ́bọ̀ náà gan-an, kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ bá mi kà á. Ọjọ́ Ẹtì nìkan ni ọjọ́ iṣẹ́ tí ó kù lọ́sẹ̀ náà. Àbámẹ́ta àti Àìkú, ọ́fíìsì tì. Ajé ni 8. Bí ó bá ní òun yóò ronú sí i títí di Ajé, ẹni tí ó pè é yóò ní ọjọ́ kan péré láti fi wá ẹlòmíràn fún àyè rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè ti yọ̀ǹda ara wọn fún òwúrọ̀ Ọjọ́rú. Àwọn ènìyàn a máa rò pé bí a bá tètè kọ̀wé, yóò dà bí ẹni pé a kò ka iṣẹ́ sí. Òdì kejì rẹ̀ ni. Ẹni tí ó tètè kọ̀wé fi hàn pé òun ka ìwé nígbà tí ó dé, pé òun sì mọ ohun tí ń bẹ nínú ọ̀sẹ̀ òun.

Kí ni yóò wá fi rọ́pò Ọjọ́rú náà? Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Wọn a kọ pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní ọjọ́ mìíràn,” wọn a sì dá gbogbo iṣẹ́ náà padà sí ọrùn ẹni tí ó pè wọ́n. Kí ọmọ náà mú ọjọ́ wá fúnra rẹ̀, méjì tàbí mẹ́ta, tí ó ti yẹ̀ wò dáadáa. Bí ó bá kúrò ní Kánò ní ìdájí Ọjọ́rú, yóò sùn ní Àbújá, yóò sì dé Ẹ̀fúrùn ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, 11 Júùnù. Ó lè fẹ́ kọ pé òun yóò wá ní Ẹtì, 12 Júùnù. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin àgbà mọ ọjọ́ náà. Láti 2019 ni ìjọba àpapọ̀ ti fi 12 Júùnù ṣe Ọjọ́ Ìjọba Tiwa-n-Tiwa, nítorí ìdìbò 1993 tí Olóyè Abíọ́lá jáwé olúborí nínú rẹ̀, ọ́fíìsì kì í sì í ṣí lọ́jọ́ náà. Bí ọmọ Yorùbá bá kọ 12 Júùnù fún wọn, wọ́n á mọ̀ pé kò wo kàlẹ́ńdà. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí a ṣọ́ra fún ọjọ́ tí ó súnmọ́ ọdún Iléyá tàbí ìtúnu ààwẹ̀, nítorí òṣùpá ni wọ́n ń wò, ìjọba sì lè kéde ìsinmi nígbà tí ọjọ́ bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Nítorí náà ọjọ́ tí ó lè mú wá ni Ajé 15 àti Ìṣẹ́gun 16.

Ṣùgbọ́n ohun kan ṣì wà tí ó dára ju méjèèjì lọ. Ìdánwò náà parí ní ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun. Ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ Ọjọ́rú, ọmọ náà wà ní Kánò, ọwọ́ rẹ̀ sì dilẹ̀. Ojú ọ̀nà nìkan ni ìdènà. Kí ó sọ fún wọn pé òun lè ṣe íńtáfíù náà lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, lórí Zoom tàbí Google Meet, ní ọjọ́ kan náà àti wákàtí kan náà tí wọ́n ti dá. Nígbà náà kò sún ọjọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà tí ó gbà wá ni ó yí padà. Àwọn ọ̀gá tí wọ́n ti yọ̀ǹda àárọ̀ Ọjọ́rú kò pàdánù nǹkan kan. Ní tèmi, èyí ni kí a kọ́kọ́ mú wá nígbàkúgbà tí ó bá jẹ́ pé jíjìnnà ni ó fa ìforígbárí. Kìkì pé kí a ti dán ẹ̀rọ náà wò kí a tó ṣèlérí, kí a mọ ilé tí nẹ́tíwọ̀kì ti dára, kí iná sì má lọ láìsí jẹnẹrétọ̀ tàbí bátìrì tí ó kún.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi kọ ímeèlì náà, ṣùgbọ́n ohun tí yóò wà nínú rẹ̀ nìyí:

“Ìyáàfin ọ̀wọ́n, mo dúpẹ́ púpọ̀ fún ìpè yín sí íńtáfíù fún ipò akọ̀wé owó, ní Ọjọ́rú, 10 Júùnù, agogo mẹ́sàn-án àárọ̀, ní ọ́fíìsì yín ní Ẹ̀fúrùn. Iṣẹ́ náà wù mí. Mo ní ìdánwò ní Yunifásítì Bayero ní Kánò ní Ìṣẹ́gun, 9 Júùnù, tí yóò parí ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ìrìn ọjọ́ méjì ni láti ibí dé ọ̀dọ̀ yín, nítorí náà n kò lè dé ní àárọ̀ Ọjọ́rú. Mo lè ṣe íńtáfíù náà lórí ẹ̀rọ láti Kánò ní Ọjọ́rú 10, ní agogo mẹ́sàn-án kan náà. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí n wá fúnra mi, mo lè wà ní Ẹ̀fúrùn ní Ajé 15 tàbí Ìṣẹ́gun 16 Júùnù, ní wákàtí tí ó bá rọ̀ yín lọ́rùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí wàhálà tí èyí lè fà. Ẹ lè pè mí lórí nọ́ḿbà ìsàlẹ̀ yìí.” Lẹ́yìn náà orúkọ rẹ̀ ní kíkún àti nọ́ḿbà fóònù rẹ̀.

Ẹ wo bí ó ṣe kúrú. Àwọn bàbá wa tí wọ́n ń tẹ wáyà láti pósítọ́fíìsì nígbà náà mọ̀ pé owó ni wọ́n ń san lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ẹ̀bẹ̀ kan ni ó wà nínú rẹ̀, kì í ṣe mẹ́fà. Ẹni tí ó bá ń bẹ̀ ní gbogbo ìlà ń jẹ́ kí wọ́n rò pé ẹ̀ṣẹ̀ ńlá kan wà tí àwọn kò tíì rí. Ìdí rẹ̀ náà kò ju ìlà kan tàbí méjì lọ, òtítọ́ sì ni. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín pa bàbá àgbà tí ó ti kú láti 1998 lẹ́ẹ̀kejì nítorí íńtáfíù. Wọ́n lè kí i kú àṣẹ̀yìndè nígbà tí ó bá débẹ̀, kí ó sì gbàgbé ẹni tí ó ní ó kú. Bí ó bá sì jẹ́ íńtáfíù ilé iṣẹ́ mìíràn ni ó wà lọ́jọ́ kan náà, kò pọn dandan kí ó dárúkọ wọn. Kí ó kọ pé òun ti ṣe àdéhùn mìíràn ṣáájú tí òun kò lè yẹ̀. Òtítọ́ ni èyí pẹ̀lú, ó sì tó. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a máa ń fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Ẹ tún ṣàkíyèsí pé kò sọ pé òun kò wá mọ́. Kò fagi lé Ọjọ́rú. Ó sọ ohun tí òun kò lè ṣe, ó sì sọ ohun tí òun lè ṣe lọ́jọ́ kan náà. Àwọn kan máa ń rò pé bí àwọn bá ti kọ̀wé, ọjọ́ ti yí padà nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Títí ilé iṣẹ́ yóò fi dáhùn, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ó dúró.

Nípa títẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, nǹkan díẹ̀ wà tí ó máa ń ba iṣẹ́ jẹ́. Kí ó tẹ Reply lórí ímeèlì tí wọ́n fi pè é, kí ó má bẹ̀rẹ̀ ímeèlì tuntun, kí wọ́n lè rí ìpè wọn àti èsì rẹ̀ lójú kan. Bí orúkọ ẹlòmíràn bá wà lórí ìlà Cc, kí ó tẹ Reply all, torí ẹni yẹn lè jẹ́ ọ̀gá tí yóò jókòó níwájú rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ kan a máa fi ìpè tí ó ní kàlẹ́ńdà nínú ránṣẹ́, tí wọ́n kọ Yes, Maybe àti No sí, tàbí Accept àti Decline. Ẹ kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má tẹ No tàbí Decline. Bọ́tìnì yẹn lè fi “kò wá” lásán ránṣẹ́ láìsí àlàyé, ẹni tí ó rí i yóò sì fi ẹlòmíràn sí àyè náà kó tó ka ímeèlì tí ó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ó bá sì fi ránṣẹ́ tán, kí ó wo inú Sent. Bí ó bá ṣì wà nínú Outbox, nẹ́tíwọ̀kì kò tíì gbé e, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì dé ibì kankan.

Ká ní Ẹtì 5 Júùnù dé, tí agogo méjìlá ọ̀sán sì kọjá láìsí èsì. Kí ó kọ́kọ́ wo Spam, kí ó wá pe nọ́ḿbà tí ó wà lórí ìwé ìpè náà, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò ní tún ẹjọ́ rò. Yóò sọ pé, “Ẹ káàsán mà, èmi ni ẹ pè fún íńtáfíù Ọjọ́rú. Mo fi ímeèlì ránṣẹ́ sí yín ní àná nípa ọjọ́ náà. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó dé ọ̀dọ̀ yín.” Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni kí ó má pè o. Bí Ajé 8 bá sì kan ọ̀sán tí wọn kò tíì sọ nǹkan kan, kí ó kọ ìlà méjì mìíràn lábẹ́ ímeèlì àkọ́kọ́ náà: pé òun yóò wà lẹ́bàá ẹ̀rọ ní agogo mẹ́sàn-án Ọjọ́rú, pé Ajé 15 àti Ìṣẹ́gun 16 sì ṣì ṣí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ó lọ kàwé ìdánwò rẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ pé ibì kan wà tí gbogbo èyí kò ti lè ràn wá lọ́wọ́. Ìyẹn ni ìdánwò ìgbanisíṣẹ́ tí wọ́n pe ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn sí nínú gbọ̀ngàn kan. A lè mọ̀ ọ́n nítorí ìwé ìpè náà kò pe orúkọ ọmọ, “ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́” ni wọ́n kọ, pẹ̀lú nọ́ḿbà ìjókòó. Wọn kò ní tìtorí ẹnì kan sún un. Ohun tí a lè béèrè níbẹ̀ ni bóyá ọ̀wọ́ kejì wà tí wọ́n lè fi òun sí. Bí wọ́n bá ní kò sí, kí òbí àti ọmọ jókòó kí wọ́n yan ọ̀kan, kí ó sì kọ̀wé dúpẹ́ lọ́wọ́ èyí tí kò ní lọ. Ilé iṣẹ́ tí ó pe ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún ní orúkọ, àwọn ni a lè bá sọ̀rọ̀.

Bí wọ́n bá gbà, kí ó dáhùn lọ́jọ́ náà. Kí ó dúpẹ́, kí ó tún ọjọ́, wákàtí àti ibi tí wọ́n fẹnu kò sí kọ, kí àṣìṣe má wọ̀ ọ́. Láti ìgbà yìí lọ, ọjọ́ náà kò ṣeé sún mọ́. Ẹni tí ó bá sún un lẹ́ẹ̀kejì, ohunkóhun tí wọ́n bá pè é, ó tọ́ sí i, àfi bí àìsàn tàbí ikú bá wọlé ní tòótọ́. Nítorí náà bí Ajé 15 ni wọ́n mú, kí ó má dúró di Àìkú kí ó tó gbéra. Kí ó kúrò ní Kánò ní ìdájí Àbámẹ́ta 13, kí ó sùn lọ́dọ̀ ará wa kan ní Àbújá, kí ó wọ ọkọ̀ ní ìdájí Àìkú, kí ó sì wà ní Ẹ̀fúrùn kí oòrùn tó wọ̀. Ẹgbẹ́ ní àwọn tí wọ́n ń bá àwọn ará Wárì ṣòwò, wọ́n á bá a wá ilé tí yóò sùn sí lálẹ́ ọjọ́ náà. Kí òbí tí ọ̀ràn náà bá kàn wá rí mi ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ìpàdé, kí ó mú ìwé ìpè náà dání.